Ilẹ̀ Òfìfo Àárín Wa àti Òkè

Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ti lọ ni, nígbà ìjọba àwọn tó ń pe gbogbo èèyàn ní kamaràádì, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ifangni. Mo dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, mo bá àmì X pupa lára ògiri ilé ìyá mi. Ó wà lára gbogbo ilé tó tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa pẹ̀lú.

"Àwọn ará bùró ìjọba ló kùn ún," ìyá mi wí, kò dáwọ́ dúró lórí ẹ̀gẹ́ tó ń bó. "Wọ́n ní ìwé sọ pé ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ ṣófo, àwọn máa wó ilé wa. Èmi ò kúrò o. Ìwọ tó o gbọ́ Faransé, lọ ka ìwé náà."

Mo lọ sí bùró. Àwòrán ìlú ni ìwé tí wọ́n ń wí, akọ̀wé tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì fẹ́ kí n rí i. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí tó fi sú u, ló bá tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì.

Àwọn Faransé ló yà á nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso wa. Lórí òkè, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ni ilé aláṣẹ wọn wà: títì tó gún régé, igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, gọ́tà oníkọnkéré, páìpù omi. Nísàlẹ̀ ni àdúgbò wa. Wọn ò ya agboolé kan ṣoṣo síbẹ̀. "Village indigène" ni wọ́n kọ lé e, ìyẹn abúlé àwọn ọmọ onílẹ̀, ó tán. Láàárín àwa àtàwọn ni wọ́n fi ilẹ̀ gbọọrọ kan sílẹ̀, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ létí ìwé: kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé síbẹ̀, kí ẹ̀fọn tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú má baà lè fò dé ọ̀dọ̀ aláwọ̀ funfun.

 Láti kékeré ni àgbàrá òkè ti ń ya wọ ilé wa, mo sì rò pé bí ilẹ̀ ṣe rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ni. Àṣé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ parí gọ́tà wọn sí etí ilẹ̀ òfìfo yẹn ni, kí omi ìdọ̀tí máa ṣàn sọ́dọ̀ wa. Ibẹ̀ náà ni páìpù omi ti dúró.

Nígbà tí wọ́n pèpàdé àdúgbò, ọ̀gá bùró tẹ́ àwòrán náà síwájú wa, ó ní, "Kamaràádì, plan ni plan, ohun tí àwòrán bá wí la máa ṣe."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ etí ìwé yẹn fún wa," mo wí.

Kò kà á. Mo kà á ní Faransé, mo sọ ọ́ ní Yorùbá. 

Ìyá mi dìde. "Òyìnbó ti lọ. Ta lẹ wá ń dáàbò bò lọ́wọ́ ẹ̀fọn wa? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kó sílé wọn?"

"Màmá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o."

"Ìwé tẹ́ ẹ gbé lọ́wọ́ ló sọ ọ́."

Ariwo sọ. Ọ̀gá ká ìwé rẹ̀, ó jáde. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wa kun ẹfun bo àwọn X náà, a sì gbẹ́ kòtò tó gba àgbàrá lọ sódò. Ẹnikẹ́ni ò wá wó ilé wa. Ṣùgbọ́n wọn ò fa páìpù omi dé ọ̀dọ̀ wa. Mo kọ lẹ́tà sí bùró nítorí omi náà, wọn ò fèsì. Mo tún kọ òmíràn.