Ọ̀rọ̀ Bàbá Tí Mo Fi Àpótí Bò

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Bàbá. Tíṣà ni wọ́n nílé ìwé ìjọ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì padà sídìí oko gbágùúdá ní Afọ̀n. Ìlaròó ni èmi ń gbé. Iṣẹ́ fídíò ni mo ń ṣe, mo sì ní ìkànnì kan tí mo ti ń fi ìtàn àwọn àgbà ilẹ̀ Yewa hàn.

Lọ́jọ́ tí mo gbé kámẹ́rà lọ bá wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ títí ìbòòji fi yí kúrò níbi tí a jókòó sí. Wọ́n sọ nípa ilé ìwé ayé àtijọ́, wọ́n sọ nípa ọ̀nà ẹsẹ̀ tí wọ́n máa ń gbà sọdá ààlà lọ nájà. Mo rò pé wọ́n ti parí. Àfi bí wọ́n ṣe tún ọ̀fun ṣe.

“Ọmọ mi obìnrin wà ní Kútọnu,” ni wọ́n wí. “Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, mo bá a wí níwájú èrò pé ó pẹ́ dé. Kò mọ̀ pé èmi ni mo pẹ́ ránṣẹ́ sí i. Bó bá ń gbọ́ mi, kó dárí jì mí. Kó máa bọ̀ wálé.”

Mo pa kámẹ́rà.

Fídíò náà lé ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní dátà tó máa gbé gbogbo rẹ̀. Mo wá pín in sí orí. Mo kọ àkókò àti àkọlé orí kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀ láti ìṣẹ́jú òdo lọ, kí ẹni tó bá tẹ èyí tó wù ú lè bọ́ síbẹ̀ tààrà. “Ilé Ìwé Ayé Àtijọ́.” “Ọ̀nà Ààlà.” Nígbà tó kan ti ìkẹyìn, ó ti rẹ̀ mí. “Ìdágbére” ni mo kọ síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo to àwọn àpótí tí èèyàn lè tẹ̀ sójú ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tó parí fídíò náà, kí àwọn òǹwòran lè bọ́ sórí àwọn fídíò mi mìíràn, mo sì fi bọ́tìnnì ìkànnì mi sí i. Àpótí kan jókòó gẹ́ẹ́ sójú Bàbá níbi tí wọ́n ti ń tọrọ ìdáríjì. Mo rí i. Mo ní, ta ló tún ń wòran dé ìparí? Mo wá kọ kọ́mẹ́ǹtì pé kí aráyé tẹ̀ lé ìkànnì mi, mo sì kàn án mọ́ òkè pátápátá.

Fídíò náà tàn kálẹ̀. Orí “Ọ̀nà Ààlà” ni gbogbo ayé ń sáré lọ wò.

Nígbà tí mo padà lọ kí Bàbá, gbágùúdá ni wọ́n ń bó.

“Ṣé wọ́n ń wò ó lódìkejì ààlà náà?”

“Wọ́n ń wò ó dáadáa, sà.”

“Ṣé ẹnikẹ́ni kọ nǹkan láti Kútọnu?”

“Mi ò tíì rí i, sà.”

“Ó dáa.” Wọ́n tẹjú mọ́ ọ̀bẹ wọn.

Mi ò tíì wá a ni, kì í ṣe pé mi ò tíì rí i. Mo fa fóònù yọ lójú ẹsẹ̀, mo ń yí kọ́mẹ́ǹtì lọ sísàlẹ̀. Mo bá ọ̀kan tó fi ìkíni Faransé bẹ̀rẹ̀: “Bonsoir. Ẹ jọ̀ọ́, ìbátan wa kan sọ pé bàbá mi bá mi sọ̀rọ̀ nínú fídíò yìí. Mo ti wo orí méjì, mi ò rí i, dátà mi sì ti fẹ́ẹ́ tán. Àbí ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?” Ó ti pẹ́ tó ti kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn.

Mo ka ọ̀rọ̀ náà fún Bàbá, mo sì jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Wọn ò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

“Tún un ṣe,” ni wọ́n wí.

“Ṣé kí n kọ ọ́ sí gbangba pé ọmọ yín lẹ ń bá sọ̀rọ̀?”

“Ṣebí gbangba ni mo ti bá a wí.”

Mo yọ àpótí tó bo ojú wọn kúrò. Èyí ò gba pé kí n tún fídíò gbé sókè. Mo yí “Ìdágbére” padà sí “Bàbá Bẹ Ọmọ Rẹ̀.” Kọ́mẹ́ǹtì kan ṣoṣo ló lè wà lókè, nítorí náà mo yọ tèmi, mo kọ àkókò ọ̀rọ̀ Bàbá sí òmíràn, mo kàn án mọ́bẹ̀. Mo sì kọ àkókò yẹn fún obìnrin náà ní ìdáhùn.

Ó pe bàbá rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tí àgbàdo tuntun jáde, ó wá sí Afọ̀n. Mo bá a níbi tó ti ń gbálẹ̀ iwájú ilé, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúpẹ́. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ Bàbá pamọ́.”

“Mo mọ̀,” ó fèsì. “Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ wò bóyá wọ́n ti dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ tìrẹ tó wà lókè, pé kí aráyé tẹ̀ lé ìkànnì rẹ, ni mo máa ń kọ́kọ́ kà.”

Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó ń gbálẹ̀ lọ.