Ẹ̀jẹ̀ Ọ̀gá Bámigbóyè Nígbà Ọyẹ́

Kò sí ọmọ tó ka báyọ́lọ́jì ní Ìjerò láyé Ọ̀gá Bámigbóyè tí kò ní rántí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá ti dé orí ẹ̀kọ́ ẹ̀jẹ̀, ọ̀gá yóò to kíláàsì sórí ìlà, yóò gún wọn níka lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò kán ẹ̀jẹ̀ wọn sórí táìlì funfun, yóò sì máa kéde bí ẹni ń pín ẹran iléyá: A nìwọ, B nìwọ, O nìwọ. Ìka tirẹ̀ ńkọ́? Inú àpò ṣòkòtò ló máa ń wà. Ẹni tó gún odidi ìlú níka kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún òun rí, torí pé ọkùnrin náà bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ju bí ewúrẹ́ ṣe ń bẹ̀rù òjò lọ.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó padà sílé ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ó gbé pátákó ìkọ̀wé kan lọ́wọ́, ó sì kàn án mọ́ ògiri pálọ̀, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé àwòrán ìgbéyàwó kọ́ sí. Ẹni tó bá wá kí i pé ẹ kú ìsinmi yóò gba ẹ̀kọ́ kí ó tó gba omi. Naomi, ìyàwó rẹ̀, tí òun náà ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí, kò bá a jà. Ó kàn ń nu ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì kúrò lórí àga ni, láràárọ̀, pẹ̀lú sùúrù tí Ọlọ́run fi ṣe ìyàwó tíṣà.

Ọyẹ́ ọdún tó kọjá ni ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há a. Dókítà ní ọsibítù ìjọba tí wọ́n gbé e lọ ní Aràmọ̀kọ ní iṣẹ́ abẹ ló kù, kí ó lọ mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, kí ó sì wá ẹni tí yóò fún un. Ara ọ̀gá kò tíì yá tán nígbà náà. Ikọ́ kan ti dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi í sílẹ̀. Tí òtútù bá mú láàárọ̀, orí ìka rẹ̀ á dúdú. Naomi ní kí ó sọ fún dókítà. Ó ní àìsàn tí òun kò kọ́ ní kíláàsì, kì í ṣe àìsàn.

Kàkà kí ó lọ ọ̀nà ọsibítù, Ìjerò ló forí lé, sí yàrá àyẹ̀wò kékeré tí Tóbilọ́ba, ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́, ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ọyẹ́ ń fẹ́ lóde, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ nínú ilé. Ọ̀gá dijú, wọ́n gún un. Tóbilọ́ba kán ẹ̀jẹ̀ sórí táìlì lójú mẹ́ta, ó kán oògùn áńtí-A sí ọ̀kan, áńtí-B sí èkejì, áńtí-D sí ẹ̀kẹta. Gbogbo rẹ̀ ṣù jọ. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣù mọ́ áńtí-A ní A lára. Èyí tó ṣù mọ́ B ní B. Èyí tó ṣù mọ́ D, Rhesus rẹ̀ jẹ́ pọ́sítíìfù.

“AB pọ́sítíìfù ni yín, sà!”

Ẹ ò rí ayọ̀ ní ojú ọ̀gá. AB! Ẹ̀jẹ̀ tí kò wọ́pọ̀! Láti Ìjerò dé Òkè-Ìmẹ̀sí ló ń ṣàlàyé fún dírẹ́bà takisí pé irú àwọn kò pọ̀ nílẹ̀, àti pé kò sí ẹ̀jẹ̀ tí àwọn kò lè gbà. Ó kọ ọ́ sórí pátákó pálọ̀ gàdàgbà: AB. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó gbérí ga jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Ìrètíolúwa dé. Òun ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbàlejò kan ní Ìkógòsì. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó ní, “Dádì, ẹ má wá ẹ̀jẹ̀ kiri mọ́. O pọ́sítíìfù ni mí. Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́, tèmi ni wọn yóò fà.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọ̀gá. Ó wo pátákó. Ó dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó kọ A sí apá kan, ó kọ B sí apá kejì, ó fa ìlà sísàlẹ̀. Bàbá tó bá jẹ́ AB, A tàbí B ni yóò fún ọmọ. Kò ní òfo, ìyẹn O, tí yóò fún un. Ọmọ O, òfo ló gbà lọ́wọ́ bàbá, òfo ló gbà lọ́wọ́ ìyá. Ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ gbogbo Ìjerò nìyẹn, kò sì sí ẹni tó já a níyàn rí.

“Bàbá Ìrètí, oúnjẹ ti délẹ̀,” Naomi pè láti ilé ìdáná.

“Má pè mí ní Bàbá Ìrètí mọ́,” ni ọ̀gá wí.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀mọ̀wé ṣe. Ẹlòmíràn yóò bi ìyàwó rẹ̀ ní ìdákọ́ńkọ́. Ọ̀gá Bámigbóyè pe ìpàdé. Ó pe Dayọ̀ àbúrò rẹ̀, ó pe Alàgbà Jacob láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú wọn jókòó síwájú pátákó, ó sì fi pánkẹ́rẹ́ tọ́ka A àti B sí wọn títí ó fi fi ẹ̀rí hàn pé ọmọ tí òun gbé pọ̀n, tí òun rán lọ sí yunifásítì, kì í ṣe ọmọ òun. Alàgbà Jacob, tí ọ̀rọ̀ náà kò yé rárá, tó sì ń tijú láti sọ bẹ́ẹ̀, ń mirí. Dayọ̀ ní, “Ṣé ó dá yín lójú, ẹ̀gbọ́n?” Ọ̀gá ní sáyẹ́ǹsì kì í purọ́.

Naomi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Kò sunkún. Ó ní, “Tíṣà, ẹyin lọ̀rọ̀ o. Mi ò mọ ọkùnrin kankan lẹ́yìn yín. Àmọ́ tí ilé yìí bá máa tú, kò ní jẹ́ lórí ohun tí ọmọdé kán sórí táìlì. Ọsibítù ni gbogbo wa ń lọ lọ́la.” Ó sì wọlé lọ pa ìlẹ̀kùn dé.

Ní Aràmọ̀kọ, Ìyáàfin Motúnráyọ̀ ló ń darí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Obìnrin olóhùn gbẹ̀du ni, kì í rẹ́rìn-ín kí ó tó di ọ̀sán. Ó bi Ìrètí pé kí ló jẹ́ sí aláìsàn. Ìrètí wo bàbá rẹ̀. Bàbá wo àjà.

“Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ, mà,” ni ọmọ náà wí. Naomi yíjú sí ògiri.

Ọ̀gá na ìwé Tóbilọ́ba síwájú. “AB pọ́sítíìfù ni mí. Ẹ̀jẹ̀ AB gidi ni kí ẹ wá fún mi. Mi ò gba tọmọbìnrin yẹn.”

Ìyáàfin Motúnráyọ̀ kò tilẹ̀ wo ìwé náà. “Bàbá, ẹ ká apá aṣọ yín sókè.” Ọ̀gá tún dijú.

Nígbà tí obìnrin náà jáde padà, ojú rẹ̀ ti yí. Ó ní àwọn kì í yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lójú kan. Wọ́n á kọ́kọ́ mú sẹ́ẹ̀lì pupa aláìsàn, wọ́n á fi áńtí-A àti áńtí-B dán an wò, iwájú nìyẹn. Wọ́n á wá mú omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì A àti sẹ́ẹ̀lì B tí wọ́n ti mọ̀ dájú, ẹ̀yìn nìyẹn. Ẹni tó jẹ́ AB, omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó jẹ́ O, omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bá A jà, á bá B jà.

“Tiyín, Bàbá, iwájú ní AB ni yín. Ẹ̀yìn ní irọ́ ni, O ni yín. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo bá mú sẹ́ẹ̀lì yín, mi ò kán oògùn kankan sí i, omi iyọ̀ lásán. Ó ṣù! Mo da omi ẹ̀jẹ̀ yín mọ́ sẹ́ẹ̀lì O, èyí tí kò yẹ kó bá jà láéláé. Ó tún ṣù! Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣù mọ́ omi iyọ̀, kí ló fẹ́ fi áńtí-A sọ fúnni? Ẹ̀rí rẹ̀ ti bàjẹ́. Ṣé ẹ wúkọ́ láìpẹ́ yìí?”

“Ó wúkọ́,” Naomi dáhùn. “Ìka rẹ̀ náà máa ń dúdú láàárọ̀.”

“Òtútù ni, nígbà náà. Ikọ́ yẹn ti fi ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń lẹ sẹ́ẹ̀lì mọ́ra wọn tí òtútù bá ti mú. Ẹ ṣáà ti jẹ́ tíṣà, Bàbá. Ẹ rántí bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣù jọ sójú kan ní àsẹ́ḿbílì nígbà ọyẹ́? Tí oòrùn bá yọ, wọ́n á tú ká. A ó mú oòrùn wá fún wọn.”

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn, wọ́n gbé e sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn kíákíá kí ó má baà tutù. Wọ́n fi omi iyọ̀ tí wọ́n ti mú gbóná fọ sẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n yí i nínú ẹ̀rọ, wọ́n da omi rẹ̀ nù, wọ́n tún un fọ̀ léraléra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún un dán wò. Áńtí-A: kò ṣù. Áńtí-B: kò ṣù. Áńtí-D: ó ṣù. Omi iyọ̀ lásán: kò ṣù, ẹ̀rí ti tọ́. Wọ́n mú omi ẹ̀jẹ̀ náà àti sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fẹ́ fi dán an wò gbóná: ó ṣù mọ́ A, ó ṣù mọ́ B, kò fọwọ́ kan O. Iwájú àti ẹ̀yìn ti panu pọ̀.

“O pọ́sítíìfù,” ni Ìyáàfin Motúnráyọ̀ wí. “AB tí ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún, ká ní a rí i fún yín, òun ni ì bá pa yín. Irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yín yẹn gan-an lẹ nílò. A kì í fa tọmọ fún bàbá tààrà, torí ẹ̀jẹ̀ ẹbí lè ṣe aláìsàn ní jàǹbá. Ẹ ní ẹ kò tan, ṣùgbọ́n a ó ṣáà fi tirẹ̀ sí báńkì ẹ̀jẹ̀, a ó fún yín ní tẹlòmíràn.”

“Ọmọ mi ni,” ọ̀gá wí.

Ọ̀nà ilé ni ọ̀gá ti yà bá Tóbilọ́ba, inú ń bí i. Tóbilọ́ba dọ̀bálẹ̀. “Sà, bí ẹ ṣe kọ́ wa náà ni mo ṣe é. Táìlì, oògùn mẹ́ta, ó tán. Ẹ ò kọ́ wa ní ẹ̀yìn rí.”

Wọ́n dúró kí ọyẹ́ lọ, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ó yọrí sí rere. Nígbà tí ara rẹ̀ le, Naomi ní kí ó pe àwọn tó pè níjọ́sí, kí ó sì kọ́ wọn bó ṣe kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Dayọ̀ wá, Alàgbà Jacob wá, ó tún ń mirí. Ọ̀gá nu AB kúrò lójú pátákó, ó kọ O gàdàgbà, ó fa ìlà sísàlẹ̀, ó kọ O mìíràn. Ó ní òun ṣìnà, ó ní òtútù ló fà á. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Naomi ní kí ó dìde, òun ti gbọ́. Oúnjẹ kò wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ìkíni kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n “Tíṣà” ló ṣì ń pè é, kò pè é ní Bàbá Ìrètí mọ́.

Ó kọjú sí Ìrètíolúwa, ó ń wá ẹ̀rín lójú rẹ̀. “Ṣé o rí i, ọmọ mi? Ó ti yanjú. O bí O.”

“Mo rí i, sà.” Ọmọ náà tọ́ka sí pátákó. “Dádì, ká ní AB ni yín lóòótọ́ ńkọ́?”

Ọ̀gá Bámigbóyè yíjú padà sí pátákó. Ó gbé ọwọ́ tó mú ṣọ́ọ̀kì sókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ń wò ó, kò sì rí ohun tí yóò kọ.