Ibi Tí A Gé Ọ̀rọ̀ Oníbàárà Sí

Èmi kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Bí ènìyàn bá yìn mí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò, bóyá ó fẹ́ tọrọ nǹkan. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà sí státọ́ọ̀sì fóònù ṣọ́ọ̀bù wa, tí gbogbo rẹ̀ ń dùn bí oyin, ara fu mí. Pádì bíréèkì là ń tà ní Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Accra. Àwọn awakọ̀ tí mo mọ̀ níbẹ̀ kì í yin ìyàwó wọn tó bẹ́ẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pádì.

Mo rò pé òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ wọ́n. Àmọ́ báwo ni n ó ṣe bi í? Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, ìyàwó ni mo jẹ́ fún un. N kì í pè é lórúkọ. Eyínfúnjowó ni mo ń pè é, "ẹ" ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo lè pè ní òpùrọ́ lójú ọjà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọjà dá, mo fi àwàdà gbé e.

"Eyínfúnjowó, ẹ jẹ́ kí èmi náà ka ìyìn díẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ̀yin yìí! Ẹ rò pé èmi ni mò ń kọ ọ́, àbí?"

Ó na fóònù sí mi. Àwọn oníbàárà ló kọ ọ́ lóòótọ́, ojú sì tì mí díẹ̀. Ọ̀kan kí wa títí, ó gbàdúrà fún ṣọ́ọ̀bù, kó tó sọ pé pádì wa pẹ́ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ òun. Àbúrò ọkọ mi yọ ìkíni àti àdúrà, ó fi ọ̀rọ̀ pádì sílẹ̀. Ìyẹn ò burú. Mo wá kan ti onítakisí kan:

"Pádì yín dára. Ó mú ọkọ̀ dáadáa nínú ìgboro. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti Aburi, ó gbóná, bíréèkì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú mọ́. N ò ní fi lọ síbẹ̀ mọ́."

Ohun tó wà lórí státọ́ọ̀sì ni: "Pádì yín dára. Ó mú ọkọ̀ dáadáa."

Mo na ìka sí i. "Ẹ̀yin lẹ gé e síbí?"

"Àwọn ènìyàn kì í ka ọ̀rọ̀ gígùn. Ṣé mo fi nǹkan kan kún un ni?"

Kò fi nǹkan kan kún un. Mo wá irọ́ náà títí láàárín ọ̀rọ̀ yẹn, n ò rí i, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Kí n tó dá a lóhùn, awakọ̀ kan tó ń fi tróótró kó èrò wọlé, ọmọ Alátà, Yorùbá Gánà bíi tiwa, ó gbé fóònù rẹ̀ sókè.

"Madam, èyí tẹ́ ẹ gbé síbí ni mo fẹ́, chale. Wọ́n ní ó ń mú dáadáa."

"Ọ̀nà wo lẹ ń ná?" ni mo bi í.

"Madina sí Aburi. Ojoojúmọ́."

Àbúrò ọkọ mi ti ń gbé páálí pádì náà wálẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lójú oníbàárà.

"Eyínfúnjowó, ẹ dákun, ẹ ka èyí tó kù fún wọn."

Ó wò mí bí ẹni tí mo bọ́ láṣọ. Ó kà á ṣá. Nígbà tó dé "ó gbóná", ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Awakọ̀ náà ti páálí pádì náà padà. "Èrò ló máa ń kún ọkọ̀ mi bọ̀ lórí òkè yẹn. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gé ìyẹn?" Ó tún wo fóònù rẹ̀. "Àwọn tó kù ńkọ́? Kí lẹ gé níbẹ̀?"

Kò ra nǹkan kan. Àbúrò ọkọ mi bínú sí mi títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Lẹ́yìn náà ló jókòó tì mí, ó tún ọ̀rọ̀ onítakisí náà gé: "Ó mú ọkọ̀ dáadáa nínú ìgboro. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti Aburi, ó gbóná..." Ó fi àmì tótó mẹ́ta síbi tó gé, kí ẹni tó ń kà á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì kù. Kó tó gbé e jáde, ó fi ránṣẹ́ sí onítakisí náà, ó bi í bóyá ohun tó sọ nìyí. Onítakisí náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo èyí tó ń gbé jáde báyìí, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é.

Àmọ́ awakọ̀ tróótró yẹn ò yé wo státọ́ọ̀sì wa. Bí a bá ti gbé ọ̀rọ̀ oníbàárà tuntun síbẹ̀, á fi ìbéèrè kan náà ránṣẹ́: "Ṣé ó parí síbẹ̀?" A ó fi odindi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí i. Kò dúpẹ́ rí. Inú máa ń bí àbúrò ọkọ mi. Inú tèmi kì í bí, torí mo mọ ojú tó fi ń wò wá. Ojú tí èmi náà fi ń wo ẹni tó bá yìn mí ni, kò sì tíì ra nǹkan kan lọ́wọ́ wa.