Wákàtí Tí Mo-Wà-Ńbí Kọ Sílẹ̀

Mo-Wà-Ńbí ni àbúrò rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pè é, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa dá àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ òkè òkun lóhùn láti orí kọ̀ǹpútà, lórí tábìlì tí ọmọ rẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìgbà yòówù tí ọ̀gá bá kọ̀wé sí i, ì báà jẹ́ ìdájí, èsì kan náà ni: "Mo wà níbí." Ọ̀gá tó lò ó kẹ́yìn lò ó bí ẹní lo jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn fi máa parí, ojú obìnrin yìí ti wọnú.

Síbẹ̀, nígbà tó ń tún ọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ kọ sórí ìkànnì tí àwọn agbanisíṣẹ́ ti ń wá èèyàn, ohun tó kọ sókè téńté ni pé òun wà lárọ̀ọ́wọ́tó tọ̀sán-tòru.

Àbúrò rẹ̀, tóun náà ń ṣiṣẹ́ látilé, kà á, ó pòṣé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ kú ni? Ẹ pa á rẹ́."

"Tí mo bá pa á rẹ́, ta ló máa gbà mí?"

"Ẹ kọ aago yín síbẹ̀: UTC+1, ìyẹn aago ilẹ̀ wa níbí, mẹ́sàn-án àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Wákàtí mẹ́fà ni àwọn tí ẹ ń wá fi wà lẹ́yìn yín. Ẹ ní ẹ lè bá wọn sọ̀rọ̀ láti aago mẹ́ta sí márùn-ún yín. Ìyókù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn."

Ó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó kọ ọ́. Ó kọ pé Slack lòun fi ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́, Trello lòun fi ń tọ́jú iṣẹ́. Ó ní kóun tó ṣíwọ́, òun máa ń kọ ohun tóun ti ṣe, ìdí tóun fi ṣe é àti ohun tó kù, kí ẹni tó bá jí lọ́hùn-ún lè máa bá iṣẹ́ lọ láìdúró de òun.

Ilé iṣẹ́ kan fi ọ̀sẹ̀ kan dán an wò. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, ó pa kọ̀ǹpútà. Ó ń ya irun ọmọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ nígbà tí fóònù dún, ilé iṣẹ́ náà ló ń béèrè: oníbàárà wo ni ká kọ́kọ́ dá lóhùn? Ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ kedere. Kó tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́: "Mo wà níbí."

Èsì dé. "Ẹ ṣeun. Àmọ́ ohun tí ẹ kọ nípa ara yín ni pé ẹ ti ṣíwọ́. Èwo ni ká gbà gbọ́ ká tó gbà yín?"

Ó kọ àwáwí kan, ó pa á rẹ́, ó kọ òmíràn.

"Mọ́mì, ẹ ò ní parí ẹ̀ ni?"

Inú bí i sí wọn, ó sì bí i sí ara rẹ̀. Ó gbé fóònù lọ sí yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó padà wá di irun náà tán.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì ló tó dá wọn lóhùn. "Ohun tí mo kọ ni kí ẹ gbà gbọ́. Lánàá, ẹ̀rù ló dá yín lóhùn."

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́hùn-ún. Kò sí ohun tó kù tó lè ṣe ju kó dúró de èsì wọn.