Fíìmù Kẹta Tí N Kò Gbé Sókè

Mò ń jowú obìnrin yẹn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Dókítà ni àwa méjèèjì, a jọ ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àìsàn inú ọpọlọ lábẹ́ ọ̀gá kan náà ní ilé ìwòsàn kan ní Kánò, nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń lọ sópin. Sábóńgàrí, àdúgbò àwọn àlejò níbẹ̀, ni wọ́n ti bí àwa méjèèjì. Èmi ni mo ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá béèrè ìbéèrè, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ojú wọn máa ń kọ́kọ́ lọ. 

Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Akọ̀wé rélùwéè ni bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì máa ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé wa dé àdúgbò Bompai láìsinmi. Ó wá di pé bí wọ́n bá dìde, ẹsẹ̀ wọn á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, wọ́n á máa wọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń gbàgbé nǹkan, ìtọ̀ sì ń yọ lára wọn kí wọ́n tó dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyá mi ní ogbó ni.

Ẹ̀rọ CT tó ń ya àwòrán inú orí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n mi ló gbé bàbá lọ sí gúúsù níbi tí ọ̀kan wà. Nígbà tí wọ́n dé pẹ̀lú fíìmù mẹ́ta nínú àpò ńlá kan, ọ̀gá ní kí n gbé wọn sórí àpótí iná, kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ sọ ohun tí a rí. Méjì péré ni àpótí náà ń gbà. Mo gbé ti ìsàlẹ̀ orí àti ti àárín sókè bí a ti máa ń ṣe, mo fi ìkẹta sílẹ̀ nínú àpò.

Àwọn yàrá kan wà nínú ọpọlọ tí omi ń gbé. Ti bàbá mi fẹ̀ gan-an. Ohun tí a ní láti mọ̀ ni bóyá ọpọlọ ló súnkì tí àwọn yàrá náà fi fẹ̀, àbí omi ló pọ̀ jù tó ń ti ọpọlọ. Bí ó bá súnkì, kò sí ohun tí a lè ṣe, bàbá mi kò ní rìn dáadáa mọ́. Bí ó bá jẹ́ omi, oníṣẹ́ abẹ lè fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan darí rẹ̀ lọ sínú ikùn.

“Ó ti súnkì,” ni mo wí. Mo nawọ́ sí àlàfo ńlá tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ, lókè etí. “Ọpọlọ wọn ti dà bí àgbàlagbà nínú ẹ̀wù tó tóbi jù ú lọ. Inú ṣí, ìta náà ṣí.” 

Obìnrin yẹn yíjú sí mi, ó ní, “Dókítà, fíìmù òkè orí ńkọ́? I no see am.”

Ó yọ ọ́ nínú àpò, ó fi rọ́pò ọ̀kan. Àwọn kòtò tóóró tó máa ń wà lójú ọpọlọ ti pa dé ní òkè orí, ọpọlọ ti fún mọ́ egungun.

“Tó bá jẹ́ pé ó súnkì ni,” ó ní, “ó yẹ kí ibí yìí náà ṣí. Àlàfo ẹ̀gbẹ́ yẹn lè fẹ̀ nínú àìsàn omi náà, òun ló tàn yín.” Ó tún fi hàn wá bí àwọn ẹ̀ka yàrá omi tó dà bí ìwo nítòsí etí ṣe wú, tí àwọn ti iwájú sì rí róbótó bí àpò tí omi kún.

Ọ̀gá fi orí gbà bẹ́ẹ̀. “Fíìmù nìkan ò tó. Ẹ jẹ́ ká fa omi ọpọlọ yẹn díẹ̀ láti ọ̀pá ẹ̀yìn Bàbá, ká wo bóyá ìrìn wọn á yá.”

A fà á. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Mo sunkún ayọ̀, owú sì wà nínú ẹkún yẹn.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ páìpù náà, obìnrin yẹn ń wá kí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, á fi Hausa béèrè bí ara wọn ṣe ń ṣe. “Baba, yaya jiki?” Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ara ti ń yá, wọ́n á sì pè é ní ọmọ wọn: “Da sauki, 'yata.” Bàbá kan náà tó fi pàṣán lé Hausa kúrò lẹ́nu mi nínú ilé! “Dókítà mi” ni wọ́n ń pè é. Wọn ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá jáde nílé, mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo na apá kí n lè gbá wọn mú. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

“Bàbá, níbo lẹ ń lọ?”

“France Road. Mò ń lọ kí dókítà mi nílé rẹ̀.”

Mo mú agboòrùn wọn, mo tẹ̀ lé wọn. Ẹsẹ̀ wọn yá débi pé èmi ni mò ń sáré.