Bí Omi Ṣe Gba Àgbàlá Ààfin Àtijọ́

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi kúrò ní Ọ̀yọ́, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà. Bọ̀dá Jídé, ẹ̀gbọ́n mi, fẹ́ da kọnkéré sí àgbàlá ààfin àtijọ́ tí ìdílé wa ń gbé, kí wọ́n sì kan páànù bò ó, kó lè di gbọ̀ngàn ìpàdé. Mo ti pinnu: n kò ní padà láì dá iṣẹ́ náà dúró.

Mo wọ bọ́ọ̀sì dé Ìbàdàn, mo wọ òmíràn dé Ṣàgámù. Ọkọ̀ Pijó kan ló gbé wa gba ọ̀nà oníhò lọ sí ìlú wa, lẹ́bàá Ìlárá Rẹ́mọ. Awakọ̀ wo òkè. “Àǹtí, òjò yìí ò ní kéré o.”

Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, gbé èbìrìpò fún mi, kókò rírin tí wọ́n fi ewé dì sè, tí a kì í rí ní Ọ̀yọ́. “Jẹun ná, ká tó jà,” ni wọ́n wí.

Bọ̀dá Jídé dé. Àwa méjèèjì jọ rìn nínú ilé. Ẹnu ọ̀nà ẹyọ kan ló ní, kó lè rọrùn láti ṣọ́. Àgbàlá àkọ́kọ́ fẹ̀, gbogbo ará ìlú ló ń dúró síbẹ̀. Gbọ̀ngàn tí ọba ti ń dá ẹjọ́ kọjú sí i: ọba wà lábẹ́ òjìji, ẹlẹ́jọ́ wà nínú ìmọ́lẹ̀, kí ọba lè rí ojú rẹ̀ dáadáa. Àgbàlá kejì jẹ́ ti àwọn ìjòyè. Ojúbọ àwọn bàbá ńlá wà níbẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìjòyè ti ń búra kó tó gba ọba nímọ̀ràn. Ẹ̀yìn pátápátá ni ti àwọn olorì àtàwọn ọmọ.

“Ìgbà ogun ti lọ, Àdùkẹ́,” ni Bọ̀dá wí. “Ṣọ́ọ̀ṣì la sì ń lọ. Kí la fẹ́ fi ojúbọ ṣe?”

“N kò ní kí ẹ bọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn yàrá wọ̀nyí kò ní fèrèsé síta. Àgbàlá ni ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ń gbà wọlé. Tí ẹ bá bò ó, gbogbo wọn fọ́jú nìyẹn.”

Ibi tí a dúró sí náà ni òjò bá wa. Òrùlé dagẹ̀rẹ̀ sínú, nítorí náà àárín àgbàlá ni gbogbo omi ń dà sí. Ìkòkò tí a gbé síbẹ̀ láti fi gba omi òjò kún, omi yòókù sì wá ihò tó máa ń gbà lábẹ́ ògiri jáde. Kò rí i. Àwọn bíríkìlà tí Bọ̀dá gbà ti fi sìmẹ́ǹtì dí i lánàá.

Omi ń pọ̀ sí i ní ìdí ògiri amọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá Ìyá Àgbà. “Ẹ gbé Ìyá jáde!” ni mo kígbe. Mo gbé dígà, mo ń gún sìmẹ́ǹtì náà nínú omi. Bọ̀dá gbé Ìyá síta, wọ́n padà wá, wọ́n sì gba dígà náà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ihò là, omi ké ramúramù jáde. Igun ògiri kan ti ya lulẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá náà dúró.

Bọ̀dá nu ojú wọn. “Níbo ni màá wá kọ́ gbọ̀ngàn sí?”

“Ilẹ̀ wà níta, níwájú ẹnu ọ̀nà ààfin.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ibẹ̀ náà ni.”

Nígbà tí mo dé Ọ̀yọ́, ọkọ mi bi mí bóyá mo borí. Mo ní kì í ṣe èmi ló borí, omi ni. Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi ni pé kí ènìyàn tó dí ihò tí àwọn àgbà dá sílé, kó kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá.