Ohun Kan Tí Alájọ Yín Kì Í Sọ fún Yín

Yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní àdúgbò Agric ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣe fídíò. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀, òun ló ń gé e. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú owó ni, lédè Yorùbá, fún àwọn oníṣòwò kéékèèké àti àwọn olówó oṣù tí oṣù kì í bá lówó lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ fún Ọlọ́hun pé iṣẹ́ náà ń bọ́ wa, bí kò tilẹ̀ pọ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀, tààrà ni mo máa ń wọlé. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ àjọ, màá ní: “Bí o bá wo fídíò yìí tán, wàá mọ ibi tó yẹ kí o gbé owó àjọ rẹ sí lópin oṣù, kó má baà yọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.” Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á dúró, ẹni tí kò kàn á kọjá lọ. Àwọn tó dúró kì í pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pẹ́ níbẹ̀, wọ́n á tọ́jú fídíò náà, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àbúrò wọn.

Ṣùgbọ́n mo ń rí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọn kì í sọ èrè tí èèyàn máa rí. Ìbéèrè ni wọ́n máa ń jù sílẹ̀: “Àṣìṣe kan wà tí gbogbo olówó oṣù ń ṣe lọ́jọ́ tí owó bá wọlé.” Wọ́n á sì dákẹ́ síbẹ̀, wọ́n á máa sọ nǹkan mìíràn. Ara èèyàn ò ní balẹ̀ títí yóò fi mọ àṣìṣe náà. Èrò ń rọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn. Mo jowú, kí n má parọ́.

Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ká mú fídíò àjọ náà, ká yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà. Mo jókòó síwájú fóònù, mo mú ojú le koko, mo ní: “Ohun kan wà tí alájọ yín kì í sọ fún yín. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ lè má fún un lówó mọ́ lọ́la.” Mo ní kó gbé ìdáhùn lọ sápá ìparí, kí wọ́n lè dúró dè é.

Ọmọ Ọ̀ṣun ni ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, Àlàájà ló máa ń pè mí bí ó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ n kò tíì dé Mẹ́kà.

“Àlàájà, kí wá ni ohun náà gan-an?”

“Pé owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni tirẹ̀, àti pé owó tó wà lọ́wọ́ alájọ kì í lérè. Kí wọ́n gbà á lópin oṣù, kí wọ́n gbé e lọ síbi tó ti máa lérè.”

“Owó ọjọ́ kan? Ta ni kò mọ ìyẹn? Ilẹ̀kùn ààfin lo fi sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá ṣí i á bá ara rẹ̀ ní ilé ìdáná.”

“Wọ́n á kúkú ti wọlé ná.”

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí wọ́n tọ́ lórí ẹní ilé kéú.

Wọ́n wọlé lóòótọ́. Àwọn tó wò ó kí ọ̀sẹ̀ tó parí pọ̀ ju gbogbo èrò oṣù tó ṣáájú lọ. Inú mi dùn, mo forí kanlẹ̀ ṣe sùjúùdù ọpẹ́. Ọ̀rẹ́ mi pè mí sídìí kọ̀ǹpútà, ó fi ìlà tó ń fi hàn bí àwọn èèyàn ṣe ń pẹ́ tó hàn mí.

“Wò ó bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀, bí èrò ọkọ̀ tó dé ibùdókọ̀ Benson.”

“Àwọn tó kù ń kọ́?”

“Wọ́n fa fídíò síwájú lọ bá ìdáhùn ni. Ibi tí ìlà ti ga lẹ́ẹ̀kan sí i nìyí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, gbogbo wọn dìde. Ti àkọ́kọ́ tó o kórìíra yẹn rèé. Èrò kéré, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó.”

Mo ní kó jẹ́ kí n gbádùn ayọ̀ mi.

Ohun tí àwa méjèèjì ò mọ̀ ni pé àwọn èèyàn ti ń gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì, ibi tí èèyàn ń fi fídíò kékeré sí kí gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà rẹ̀ lè rí i. Fídíò gígùn kì í gbà níbẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé. Ìbẹ̀rẹ̀ tèmi sì rèé, ìbéèrè nìkan ló wà níbẹ̀. Ìbéèrè ń rìnrìn àjò, ìdáhùn jókòó sí Agric.

Ìyá ọkọ mi pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń gbé, alájọ ni wọ́n. Wọ́n ń gba àjọ ojúmọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń yan ẹja àti àwọn obìnrin àsàláàtù wọn, àwọn tí wọ́n jọ ń péjọ ṣe àdúà ní gbogbo Sọ́ńdè. Wọn ò ní iṣẹ́ mìíràn, òun ni wọ́n fi rán ọkọ mi níléèwé. Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, wá bá wa ṣe àsàláàtù ní Sọ́ńdè yìí.” Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi mí yangàn ni. Mo wọ híjáàbù mi tuntun, mo gba ọ̀nà Ìtòìkín lọ, mo ń fi ẹnu tún ọ̀rọ̀ tí màá sọ ṣe nínú ọkọ̀.

Mo bá wọn lórí bẹ́ńṣì níwájú ilé, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n fún mi lómi, wọ́n jẹ́ kí n mu ún tán.

“Ìyàwó mi, kí ni ohun tí mi ò sọ fún wọn?”

Kò kọ́kọ́ yé mi. Wọ́n tẹ fóònù, mo gbọ́ ohùn ara mi: ohun kan wà tí alájọ yín kì í sọ fún yín. Ó dé ibi tó gé, ó gé.

“Bó ṣe ń ṣe nìyẹn,” ni wọ́n wí. “Mo ti wò ó títí, ibẹ̀ ló ń dúró sí. Mo wá jókòó, mo ń wá inú ara mi wò. Mo ní bóyá ẹ̀tọ́ wọn kan wà tí mo ń jẹ tí mi ò mọ̀. Ìwọ lo kàwé. Sọ ọ́ fún mi, kí n lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.”

Wọn ò bínú o. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, wọ́n sì ti ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun fún ẹ̀ṣẹ̀ tí mo hun fún wọn.

Mo ní, “Mà, kò sí nǹkan kan.”

“Kò sí? Ó wà, o ní ó wà.”

“Owó ọjọ́ kan tí ẹ ń gbà ni.”

Wọ́n gbé fóònù sórí bẹ́ńṣì. “Èyí tí mo máa ń sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́?”

“Òun ni, mà.”

Nígbà náà ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn obìnrin náà ti ń wá gba owó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí oṣù tó parí. Ìyá ọkọ mi dá owó gbogbo wọn padà ní pípé, wọn ò yọ owó ọjọ́ kan tiwọn níbẹ̀. Àjọ tí wọ́n fi orúkọ rere kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pọn ọkọ mi sẹ́yìn ti ń tú. Bí orúkọ alájọ bá bàjẹ́ ní Ẹ̀pẹ́, kò sí owó tó máa rà á padà.

A jọ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn àdúà, wọ́n ní kí n dìde bá wọn sọ̀rọ̀. Ojú mi ń wá ilẹ̀. Ìyá àgbà kan níwájú ní, “Ìyàwó wa tó ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù, ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀tá kúkú kọ́ ló tú àṣírí, ará ilé ni.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi ń wo ẹní.

Mo bẹ̀rẹ̀: “Ẹ̀yin ìyá mi, kí n tó sọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún yín ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan...”

“Dúró ná,” ni ìyá àgbà náà wí. “O tún ti ń yípo. Sọ ọ́, ẹja wà lórí iná nílé.”

Ojú tì mí. Mo ní: “Alájọ yín ò fi nǹkan kan pa mọ́. Owó ọjọ́ kan tí gbogbo yín mọ̀ ni ohun tí mo ń sọ. Kí ẹ lè wò mí ni mo ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ẹnì kan ní, “Ṣé ìyẹn náà nìyẹn?” Ẹ̀rín bú. “Ọjọ́ kan! Èyí tí ọmọ mi tí kò tíì lọ iléèwé mọ̀!” “Ìyẹn ni mo fi sáré já àjọ mi!” Wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà dáadáa, mo sì dúró gbà á, nítorí bí wọ́n ṣe ń fi mí rẹ́rìn-ín ni ìyá ọkọ mi ń gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí mo dúró sí yẹn ni mo ti rántí alfa tó kọ́ mi ní kéú. Bí ó bá ti jókòó, yóò ní, “Lónìí, kí ẹ tó dìde, gbogbo yín á mọ bí a ṣe ń ṣe àlùwàlá tí omi ò bá sí.” A ó sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní òru Ramadan, bí ó bá ń sọ ìtàn àwọn ànábì, ó máa ń já a síbi tó dùn jù, a ó lọ sùn pẹ̀lú ìbéèrè. Kò pa wá lára rí. Ìtàn tó tó bẹ́ẹ̀ ló fi ń dá wa dúró, a sì mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá mọ́ yóò parí rẹ̀. Èmi da ìbéèrè sórí ọ̀rọ̀ owó àwọn èèyàn, níbi tí ìfura ti ń yára jó, mo sì mọ̀ pé ohun tó wà nínú àpò mi ò tó ohun tí mo fi ń polówó.

Kí n tó kúrò ní Ẹ̀pẹ́, mo bẹ ìyá ọkọ mi kí a jọ ṣe fídíò mìíràn. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ fún wọn, wọ́n ní àwọn ní ẹnu. Wọ́n wo fóònù bí ẹni tó ń wo oníbàárà, wọ́n ní: “Bó o bá gbọ́ tèmi tán, wàá mọ ohun tó yẹ kó o bi alájọ rẹ kó o tó fún un ní kọ́bọ̀.” Wọn ò sì jẹ́ kó pẹ́: Ọjọ́ wo ló ń sanwó? Èló ni tirẹ̀? Ta ni wàá rí bí ó bá ṣàìsàn? Nínú ìbẹ̀rẹ̀ tí sítátọ́ọ̀sì lè gbà ni wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ọ̀rẹ́ mi wo ìlà rẹ̀, ó ní, “Ìyá ọkọ rẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ.”

Àwọn tó wò ó ò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó dé Ẹ̀pẹ́, púpọ̀ nínú àwọn obìnrin náà sì padà sí àjọ. Ẹnì kan ò padà, aládùúgbò ìyá ọkọ mi tí ilé wọn kọjú síra. Ó ṣì ń kí wọn. Wọ́n ní kí n má bínú, Ọlọ́hun ló ni ọkàn. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, n kì í lè wo ojú wọn.

Mo ti pa fídíò tèmi rẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gé lọ ò sí níkàáwọ́ mi. Láìpẹ́ yìí, mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta láti Ìgbògbò, mo gbọ́ ohùn mi nínú fóònù obìnrin tó jókòó tì mí: ohun kan wà tí alájọ yín... Ó gé. Obìnrin náà tún un tẹ̀. Mo bo ẹnu mi díẹ̀ pẹ̀lú híjáàbù.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà,” ni mo wí, “owó ọjọ́ kan tí alájọ ń gbà ni obìnrin inú fídíò yẹn ń sọ. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.”

Ó wò mí. “Ẹ mọ̀ ọ́n ni?”

“Èmi ni, mà.”

Ó pòṣé, ó ti fóònù rẹ̀ bọ àpò. “Ọlọ́hun a dárí jì ẹ́,” ló wí. “Ó kù díẹ̀ kí n gba owó mi ní ìrọ̀lẹ́ yìí.”

Mo ní àmín. Mo sanwó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ tèmi, mo sì bọ́ sílẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ.